Dídúdú Awò Kọ́ Ni Ààbò Ojú

Ẹni bá gba Òṣòdì kọjá lọ́sàn-án gangan yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kiri awò dúdú láàárín ọkọ̀. Oníbàárà yóò gbé ọ̀kan sójú, yóò wòkè, yóò ní, "Èyí dúdú dáadáa," yóò sì sanwó. Dídúdú yẹn kò sọ ohunkóhun fún un nípa ìtànṣán tó ń ba ojú jẹ́.

Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tí wọ́n ń pè ní UV. Ó wà lára ohun tó ń mú kí ẹyinjú di funfun lọ́jọ́ ogbó, àti ohun tó ń fa ẹran tó máa ń hù láti igun ojú wá sórí ẹyinjú àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú oòrùn. Àwọ̀ dúdú ń dín ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí kù. Ohun mìíràn tí kò ní àwọ̀ ló ń dá UV dúró. Ìdí nìyí tí awò pólíkábónéètì tó mọ́ gaara fi lè dáàbò bo ojú ju awò tó dúdú kirikiri lọ.

Èyí tó burú jù ni pé awò dúdú lásán ń tan ojú jẹ. Bí oòrùn bá mú, a máa ń fún ojú pọ̀, ọmọlójú a sì kéré. Bí a bá wá fi òkùnkùn bò ó, ojú yóò là, ọmọlójú yóò fẹ̀, UV tí awò náà kò dá dúró yóò sì rí ọ̀nà gbòòrò wọlé.

Awò tó bá yẹ fún àmì UV400 gbọ́dọ̀ dá ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ kò gùn ju 400 nánómítà lọ dúró. Ṣùgbọ́n ta ni kò lè tẹ àmì sórí ọ̀rá? Àwọn oníṣẹ́ awò ojú kan ní ẹ̀rọ tó ń wọn UV. Ẹ ní kí wọ́n fi wò ó.

Tọ́ọ̀ṣì UV tí àwọn oníṣòwò fi ń dá ayédèrú owó mọ̀ náà wúlò díẹ̀. Ẹ tàn án sí nọ́ńbà dúdú ara owó náírà, yóò tàn bí ewé tútù. Ẹ wá fi awò sáàárín tọ́ọ̀ṣì àti owó, kí ẹ sì máa wo owó náà láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe gba inú awò. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì ń tàn, ẹ dá awò náà padà. Bí kò bá tàn mọ́, ó dára, àmọ́ àyẹ̀wò yìí kò tó ti ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe tan tọ́ọ̀ṣì náà sójú ẹnikẹ́ni.

Owó gọbọi kọ́ ló ń dá UV dúró. Awò tí kò wọ́n púpọ̀ lè yege. Lójú tèmi, àwọn tó ń kó awò wọlé ló yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ọmọ tó ń kiri. Kí wọ́n máa mú díẹ̀ nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan ní èbúté, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé èyí tí àmì ara rẹ̀ bá parọ́.