Ẹ yé fi èèpo ẹ̀gẹ́ tútù pa ewúrẹ́ yín: omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé jáde



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu yín ṣáá: "Èèpo ẹ̀gẹ́ ọ̀fẹ́ ni, èérí bíà ò wọ́n, kí ni mo fẹ́ fi fíìdì olówó gọbọi ṣe?" Mi ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe pé oúnjẹ méjèèjì ò dáa o, wọ́n dáa. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ni pé ẹ ń fún ẹran ní tútù, ẹ sì ń fún un láìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èèpo. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, ó sì pọ̀ lára èèpo ju ẹran ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ìgbà tí nǹkan bá fọ́ èèpo náà ni májèlé yẹn ń tú jáde. Tí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́ ní tútù, ẹnu àti ikùn rẹ̀ ló ti máa tú. Ẹ ó rí i tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbà á mọ́, tí itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀. Nígbà míì, kì í tó wákàtí kan tó fi máa kú. Ẹ ó wá ní aládùúgbò ló fún un ní májèlé jẹ. Aládùúgbò kọ́! Èèpo tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ fún un láàárọ̀ ni.

Ẹlòmíì á ní òun máa ń sá a sétí títì. Odidi èèpo máa ń lò tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn, nígbà òjò ó lè jù bẹ́ẹ̀. Kó tó gbẹ, ó ti bu, iyẹ̀pẹ̀ àti àfọ́kù ìgò sì ti wọ inú rẹ̀.

Ọ̀nà tó dáa ni èyí tí ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ti ń kọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀rọ gàrí náà ni wọ́n ń lò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bó ẹ̀gẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣa ìdí igi àti òkúta kúrò nínú èèpo, kẹ́ ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìta ni májèlé á ti tú báyìí, kì í ṣe ikùn ẹran. Ẹ rọ ọ́ sápò, ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ títí omi ò fi ní kán mọ́, kó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó ń jáde yẹn, májèlé ni. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu ún. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rún un, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì. Tí oòrùn bá mú dáadáa, bíi wákàtí mẹ́fà ti tó. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ yan án nínú agbada gàrí. Tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí kò dì mọ́ra, ó ti gbẹ. Àpò èèpo tútù mẹ́ta ló máa ń di bí àpò gbígbẹ kan.

Ó wá kan èérí bíà, tí àwọn olùtà ń pè ní bí-dí-jì. Tútù rẹ̀ tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ ọtí, bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ omi ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àpò tútù tó wọn 50 kílò, tó bá gbẹ, bíi 11 kílò péré ló kù. Tí olùtà bá wá ń ta kílò tútù ní ìdajì owó kílò gbígbẹ, omi lẹ ń fowó rà o! Kò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún owó gbígbẹ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú ooru tiwa, ó ti ń bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí funfun tàbí àwọ̀ ewé lára rẹ̀, tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ẹ dà á nù. Oòrùn kì í pa májèlé tó bá ti bu. Ẹ má kàn pò ó mọ́ tuntun torí owó tẹ́ ẹ ti san.

Ibi tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí ńkọ́? Èèpo ń fún ẹran lágbára, àmọ́ purotéènì inú rẹ̀ kéré gan-an. Èérí bíà ní purotéènì, ṣùgbọ́n háhá rẹ̀ pọ̀. Àwọn méjèèjì ò lè dá bọ́ ẹran. Ká ní ẹ ní ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́wàá tó ń dàgbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 2 kílò lójúmọ́, 20 kílò nìyẹn. Ẹ fi èèpo gbígbẹ ṣe 4 kílò, èérí bíà gbígbẹ 4 kílò. Àgbàdo, sóyà tàbí èérí ẹ̀pà, egungun lílọ̀, iyọ̀ àti fítámì ni kó jẹ́ 12 kílò tó kù. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ò lè gba tó ẹlẹ́dẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó, nítorí háhá. Bí èèpo bá sì gba ipò àgbàdo pupa, pupa ẹyin á máa ṣì, oníbàárà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní ti ewúrẹ́, kí koríko àti ewé ṣì pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan mú un wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí kò bá ráyè rìn ín, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì sá a, kó fi èèpo sílẹ̀ fún ẹni tó ráyè. Ewúrẹ́ kan tó bá kú, owó rẹ̀ ju owó ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní ẹ ò fẹ́ san lọ.