Èló ni Àṣìṣe Náà?

Irú fídíò kan ti gbòde láàárín àwọn tó dá òwò kékeré sílẹ̀. Olówò á jókòó síwájú fóònù, á mí kanlẹ̀, á ní òun fẹ́ tú àṣírí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Gbogbo wa á tẹ́tí. Ló bá ní: "Mo fọkàn tán èèyàn jù. Mo kánjú. Mo ṣubú, mo sì dìde." Orin á wọlé, igò ọjà á yọ, ó parí. Ẹni tó wò ó láti kọ́ nǹkan ò mọ ohun tó gbé olówò ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó fi dìde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń sá fún: èló ni?

Ẹ jẹ́ ká mú òwò sóbò, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ torí pé ìkòkò àti iná ti tó o ṣe. Ká ní obìnrin kan se igò 100. Ìṣápá gbígbẹ, atalẹ̀, kánáfùrù, ọ̀pẹ òyìnbó àti ṣúgà gba ₦18,000. Igò òfìfo àti bébà orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn gba ₦15,000. Ó pín in, ó rí ₦330 lórí igò kan. Ó ń tà á ní ₦500, ó sì kí ara rẹ̀ kú oríire: èrè ₦170!

Kò ka gáàsì ₦3,000. Kò ka yìnyín ₦3,000, àfi bíi pé ẹni tó bá ta sóbò ni wọn ò ní mú iná rẹ̀ lọ. Kò ka ₦4,000 tó fún ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà kiri ìsọ̀. Owó tó jáde ti di ₦43,000. Igò 12 tún bàjẹ́. Igò 88 tó tà mú ₦44,000 wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbáko, ẹgbẹ̀rún kan náírà! Ká má tíì sọ owó iṣẹ́ ara rẹ̀. Bó bá san ₦3,000 fún ara rẹ̀ lójúmọ́, gbèsè ló ń tà.

Igò 12 yẹn gan-an ló yẹ kí fídíò jókòó tì. Kí ló bà wọ́n jẹ́? Obìnrin náà se ìṣápá dáadáa, ó jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà ló lọ ọ̀pẹ òyìnbó àti atalẹ̀ tútù, ó sì dà wọ́n sí i. Ìwúkàrà tó wà lára èso tútù bá ṣúgà nínú igò, ó ń jẹ ẹ́, ó ń mú afẹ́fẹ́ jáde. Igò wú, ó le gbandi. Ẹni tó ṣí i gbọ́ "ṣìì", fóòmù hó sókè, ó tọ́ ọ wò, ó kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó se èso náà pọ̀ mọ́ ìṣápá, tó fi omi gbígbóná ṣan igò tó lè gbà á, tó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀, ì bá dín àdánù yẹn kù gan-an. Kò ní kó pẹ́ títí o. Sóbò tí kò lóògùn ìpamọ́, ọjọ́ díẹ̀ nínú òtútù ló ní.

Ká ní igò kankan ò bàjẹ́, tó sì ka owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, igò kan á jẹ ẹ́ ní ₦490. Bó bá ń tà á ní ₦550, ₦6,000 á ṣẹ́ kù fún òwò náà lẹ́yìn tó ti gba owó iṣẹ́. Ibi tí ìrètí wà nìyẹn, nínú ìṣirò, kì í ṣe nínú orin.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá sọ iye rẹ̀ á kọ́ alátakò ní òwò. Òwò wo? Ìyá ọlọ́jà wo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń se sóbò? Àwọn mìíràn á ní iye máa ń dẹ́rù ba ọ̀dọ́. Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀dọ́ ni kí owó rẹ̀ wọlẹ̀ láìmọ ibi tó gbà wọlẹ̀, tó fi wá ń wá ajẹ́ tó jẹ ẹ́.

Kò sì yẹ kó ya ni lẹ́nu pé wọ́n ń sá fún iye. Àwọn olówò yìí kan náà ni wọ́n ń gbé àwòrán bàtà síta, tí oníbàárà bá béèrè iye rẹ̀, wọ́n á ní kó wá bá àwọn ní kọ̀rọ̀. Iye bàtà di ọ̀rọ̀ awo! Ìyá aláta tó to tòmátì sí ẹ̀bá títì ń kígbe iye tirẹ̀ láti àárọ̀, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Ẹni tí kò lè sọ iye bàtà, báwo ni yóò ṣe sọ iye àṣìṣe?

Ẹni tó bá tún fẹ́ ya irú fídíò bẹ́ẹ̀, kó jọ̀wọ́, kó gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ síwájú fóònù kó tó mí kanlẹ̀.