Fọ́tò òkìtì oògùn kì í ṣe ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará wa, tí oògùn tí wọ́n kà fún yín láti inú ìgò ńlá bá dín, àwọn kan á na fọ́tò àwo ìkà-oògùn sí yín, wọ́n á ní: "Ó pé!" Ta ló kà á?

Ká ní hóró kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, fún ọjọ́ 7. 21 nìyẹn. Tí wọ́n bá tò ó ní márùn-ún márùn-ún, ìlà 4 àti ẹyọ 1 la máa rí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òkìtì, tòkè á bo tìsàlẹ̀. 18 lè wà níbẹ̀, kí wọ́n ní 21 ni. Mẹ́ta tó dín yẹn, oògùn odindi ọjọ́ kan ni.

Fọ́tò tó mọ́ jù pàápàá, àwo ló yà, kò ya ohun tó wọ inú àpò. Nítorí náà, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí wọ́n yà á láti òkè tààrà, kí ìwé oògùn yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kà á sínú àpò lójú yín kí ẹ tó kúrò. Ẹni tó bá kọ èyí, kó má pe oníbàárà ní òpùrọ́ mọ́.