Orúkọ Ẹ̀fẹ̀ Tó Di Ìfìyàjẹni

Ẹ̀fẹ̀ dùn níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ohùn, ẹ̀yà tàbí ìrísí ẹni sọ ni lè di ìyà.

Ẹ wo ọmọkùnrin kan láti Ṣábẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Àjàṣẹ́. Nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní "Ará-Oko". Lọ́jọ́ kìíní, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọ̀gá ń fi orúkọ náà pè é lójú oníbàárà. Ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní eré ni. Bó bá ti lanu, wọn a sín in jẹ. Nítorí náà, kì í béèrè ohun tí kò yé e mọ́. Ó gé aṣọ oníbàárà bà jẹ́. Wọ́n ní òmùgọ̀ ni.

Ní 2019, Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé fẹnu kò pé ìwà àìtọ́ tó lè pani lára tàbí lọ́kàn níbi iṣẹ́, ìfìyàjẹni ni, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọmọ iṣẹ́ wà lára àwọn tó dáàbò bò. "Eré ni" kì í ṣe àwíjàre.

Ẹ̀fẹ̀ tòótọ́ ni èyí tí ẹni tí wọ́n fi ṣe é lè dá padà, tó sì ń dúró nígbà tó bá ní ó tó. Ọ̀gá ni kó kọ́kọ́ máa fi orúkọ àbísọ ọmọ náà pè é.