Ẹ yéé fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wọn àyọkà Yorùbá fún àwọn ọmọ wa

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àyọkà Yorùbá fún ọmọdé, tí ẹ wá ń lẹ "Pírámárì 3" mọ́ ọn lára, ẹ dúró ná. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà mọ kíláàsì yẹn ni pé wọ́n á ju àyọkà sínú ẹ̀rọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á yọ nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló di kíláàsì. Mo ní irọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń pa. Mi ò sọ ọ́ lásán, màá ṣe ìṣirò ẹ̀ fún yín.

2/ Èyí tí ẹ máa ń rí jù lójú ẹ̀rọ ni Flesch-Kincaid Grade Level. Ọdún 1975 ni Kincaid àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún iléeṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà ológun tó ń ka ìwé iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán an wò. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́jọ níbẹ̀, kò sì sí Yorùbá níbẹ̀. Òun nìyí:

```
0.39 × (ọ̀rọ̀ ÷ gbólóhùn) + 11.8 × (sílébù ÷ ọ̀rọ̀) − 15.59
```

3/ Ẹ wò ó dáadáa. Nǹkan méjì péré ló ń wò: báwo ni gbólóhùn ṣe gùn tó, báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó. Ó tán. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ìdí. Ọ̀rọ̀ gígùn wọn sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé tí ọmọdé kì í gbọ́ nílé. Nínú Yorùbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dán an wò.

4/ Gbólóhùn kìíní: "Ayọ̀ ń jó." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, sílébù mẹ́rin. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ máa rí 1.31. Ó jẹ́ ti kíláàsì kìíní.

Gbólóhùn kejì: "Olúwafúnmiláyọ̀ ń jó." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣì ni, àmọ́ sílébù ti di mẹ́sàn-án. Èsì rẹ̀: 20.98. Ìyẹn ni pé kéèyàn jáde yunifásítì, kó tún padà lọ kàwé sí i, kó tó lè ka gbólóhùn yìí. Orúkọ ọmọ nìkan la yí padà o! Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti ń kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ láti Pírámárì 1.

5/ Ẹ lè sọ pé orúkọ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ mú. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Gbólóhùn kan náà, ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà kọ ọ́:

"Ó ń ṣe iṣẹ́ ní oko." Ọ̀rọ̀ 6, sílébù 8. Èsì: 2.48.
"Ó ń ṣiṣẹ́ lóko." Ọ̀rọ̀ 4, sílébù 6. Èsì: 3.67.
"Ó ńṣiṣẹ́ lóko." Ọ̀rọ̀ 3, sílébù 6. Èsì: 9.18.

Ìtumọ̀ kan náà ni. Kejì àti kẹta tiẹ̀ dún bákan náà lẹ́nu. Àmọ́ láti Pírámárì 3, a ti bá ara wa ní JSS 3, nítorí pé ẹnì kan so "ń" mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

6/ Ibi tí wàhálà náà ti wá nìyí. Bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú Yorùbá, àdéhùn ni. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń so "ń" mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 fún ilé ìwé ló ní ká yà á sọ́tọ̀. Nítorí náà, ohun tí fọ́múlà yìí ń wọ̀n lára àyọkà Yorùbá ni àkọtọ́ ẹni tó kọ ọ́. Kò wọn bó ṣe le tó fún ọmọ rárá.

7/ Ohun tó ń mú kó le gan-an, kò rí i. Ẹ kọ "igba" láìfi àmì sí i. Ṣé igba (200) ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí ìgbà, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Àyọkà tí kò lámì á dá ọmọ dúró ní gbogbo ìlà, àmọ́ sílébù rẹ̀ kò yí padà, èsì rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ yí padà. Bí tiyín bá yí padà nígbà tí ẹ yọ àmì kúrò, ẹ̀rọ yín ò mọ sílébù Yorùbá kà nìyẹn.

8/ Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. "Ulé" ni ọmọ ń gbọ́ nílé, "ilé" ló wà nínú ìwé. Sílébù méjì, sílébù méjì. Lójú fọ́múlà, ọgbọọgba ni wọ́n. Lójú ọmọ Pírámárì 1, ọ̀rọ̀ tuntun ni ọ̀kan. Tó bá wá kọsẹ̀, wọ́n á ní ọmọ náà ò mọ̀wé kà, nítorí pé páálí ìwé ti sọ pé kíláàsì rẹ̀ ni.

9/ Mo ti ń gbọ́ yín: "Nọ́ńbà yẹn ṣáà sàn ju àìní nǹkan kan lọ." Rárá o. Òṣùwọ̀n tó ń purọ́ burú ju àìní òṣùwọ̀n lọ, torí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ bi ọmọ léèrè. Ọ̀nà míì sì wà. Láti 1953 ni Wilson Taylor ti gbé e jáde, bébà àti bírò nìkan ló ń fẹ́.

10/ Ẹ mú àyọkà bí ọ̀rọ̀ 150. Ẹ má fọwọ́ kan gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Láàárín wọn, ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ karùn-ún, kí àlàfo gbogbo gùn bákan náà, títí ẹ ó fi ní àlàfo 25. Bí àpẹẹrẹ: "Wọ́n rí obìnrin kan ___ ń ta gààrí ní ___ igi." "Tó" àti "abẹ́" la yọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ gan-an ni kí ẹ fún ní máàkì. Tí ọmọ bá kọ "ìdí" dípò "abẹ́", kò gbà á, bó tilẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹ má gé máàkì torí àmì tàbí torí pé ó kọ "tí ó".

11/ Ká ní ọmọ mẹ́wàá ní Pírámárì 4 ló ṣe é. Àlàfo 250 nìyẹn. Tí wọ́n bá gba 95, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni: àyọkà yẹn ti le jù. Tí wọ́n bá gba 120, ó jẹ́ 48: kí tíṣà kà á pẹ̀lú wọn. Tí wọ́n bá gba 150, ó jẹ́ 60: wọ́n lè dá a kà. Ààlà tí wọ́n sábà ń lò ni 44 àti 57.

12/ Kí n má tan yín o: ara Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rí ààlà yẹn náà. Yorùbá ní "ni", "ń" àti "tí" tó pọ̀, ó sì rọrùn fún ọmọ láti mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ẹ má sọ ọ́ di òfin. Ẹ fi àyọkà méjì wé ara wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan náà, ẹ mú èyí tó bá wọn mu. Ó kéré tán, ọmọ ló dáhùn.

13/ Nítorí náà, ẹni tó bá tún lẹ kíláàsì mọ́ àyọkà Yorùbá, ìbéèrè kan ni mo ní fún un: ọmọ mélòó ló ti kà á, níbo? Tí kò bá rí ìdáhùn, kó yọ nọ́ńbà yẹn kúrò níbẹ̀.