Ẹ Yé Bèèrè Ẹni Tó Gbàgbé

Ìkànnì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ń bójú tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo àkókò kíláàsì, tí wọ́n sì ti ń gba ìwé ẹ̀kọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì, ó kú fún wákàtí méjì gbáko. Sátífíkéètì rẹ̀ ló kọjá ọjọ́. Sátífíkéètì yìí ni sáfà fi ń jẹ́rìí fún búráúsà pé òun gan-an nìyí, kì í ṣe ayédèrú. Ó ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń parí, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, ìkìlọ̀ ni ẹ ó rí lórí fóònù yín dípò ojú ìwé tí ẹ ń wá.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìròyìn jáde. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni: ẹni tó yẹ kó tún sátífíkéètì ṣe gbàgbé, wọ́n ti bá a wí, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa ní kò dára rárá. Ìròyìn yẹn kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ parọ́. “Ta ló gbàgbé?” ló kọ́kọ́ bèèrè, nígbà tó sì rí orúkọ kan, ó dá ìwádìí dúró.

Nígbà tí àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà jókòó tí wọ́n to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni kò gbàgbé nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ Let's Encrypt ni wọ́n ti ń gba sátífíkéètì, ọjọ́ 90 ló sì máa ń lò. Ètò tó ń jẹ́ certbot ló ń tún un gbà fúnra rẹ̀ bí ó bá ku nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Certbot ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí oṣù kan kí ìkànnì tó kú ni sátífíkéètì tuntun ti wà nínú sáfà.

Nginx ni kò mọ̀. Ìgbà tí nginx bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, tàbí tí a bá ní kó tún ètò rẹ̀ kà, nìkan ló ń ka fáìlì sátífíkéètì. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó ti kà sórí ni yóò máa fi han gbogbo ayé, ì báà jẹ́ pé fáìlì tuntun ti rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe to ètò náà níbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú `certbot certonly --webroot`, kò sí ibi tí a ti sọ fún certbot pé kó jí nginx. Kí ló wá dé tí kò fi ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀? Oríire ni. Wọ́n máa ń pa sáfà náà kí wọ́n sì tún un tan nítorí àtúnṣe, ó sì máa ń bọ́ sí àárín ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò pa á.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wákàtí méjì náà ṣe lọ. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sátífíkéètì àtijọ́ parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé dátà àwọn ni kò dára. Ètò tó ń ṣọ́ ìkànnì náà kò sọ nǹkan kan, torí `curl -k` ni wọ́n fi kọ ọ́. `-k` yẹn ló ń sọ fún un pé kó má ka ọ̀rọ̀ sátífíkéètì sí. Ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀kan nínú wọn tẹ `certbot renew`. Èsì tó gbà ni “Certificate not yet due for renewal”. Òótọ́ ni, nítorí fáìlì ni certbot ń wò, tuntun sì ni fáìlì. Wọ́n wá gbà pé kì í ṣe sátífíkéètì ló fà á, wọ́n sì fi wákàtí kan ó lé wá a kiri níbi tí kò sí. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé ẹnì kan bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ fáìlì, ó sì tún bèèrè lọ́wọ́ sáfà fúnra rẹ̀. H dúró fún orúkọ ìkànnì:

```
openssl x509 -noout -enddate -in fullchain.pem
echo | openssl s_client -connect $H:443 -servername $H 2>/dev/null \
  | openssl x509 -noout -enddate
```

Ọjọ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ó tẹ `systemctl reload nginx`, ìkànnì sì jí lójú ẹsẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ẹ wá fi èyí wé ìròyìn olórí mẹ́ta yẹn. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ẹni tí wọ́n bá wí ì bá fi ìrántí sí fóònù rẹ̀. Ìrántí á dún, á tẹ `certbot renew`, certbot á ní kò tíì tó àkókò, á sì lọ sùn. Ìkànnì á sì tún kú. Ìbáwí kò fi nǹkan kan kún nginx.

Ní 2012, John Allspaw, tó wà ní Etsy nígbà náà, kọ ọ̀rọ̀ lórí irú àyẹ̀wò tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àlàyé rẹ̀ rọrùn: ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ló mọ ohun tó rí àti ìdí tí ohun tó ṣe fi jọ èyí tó tọ́ lójú rẹ̀, bí ó bá sì ń bẹ̀rù ìyà, kò ní sọ ọ́. Ní April 2021, sátífíkéètì kan parí ní Epic Games, ó sì da iṣẹ́ wọn rú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde kò di ẹrù ọ̀rọ̀ náà lé ẹnì kan lórí. Ó sọ pé ètò tí ń ṣọ́ sátífíkéètì kò dé apá ibi tí èyí wà, àti pé a kò tan àtúngbà aládàáṣe fún un. Ohun tí a lè tún ṣe ni méjèèjì.

Àwọn kan á ní, bí a kò bá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, iṣẹ́ á di yẹpẹrẹ. A gbọ́, a kò sì gbà. Àyẹ̀wò tí kò dáni lẹ́bi kì í ṣe àyẹ̀wò tí kò lórúkọ. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, ọ̀nà mìíràn wà fún ìyẹn. Ìròyìn tó ń fi “àṣìṣe kan wáyé” bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kò sàn ju èyí tó ń wá orúkọ lọ. Àwọn méjèèjì kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Níbi tí a ń sọ yìí, àtúnṣe méjì ló tó. Èkíní ni fáìlì kékeré kan tó ṣeé ṣiṣẹ́, tí a fi sínú `/etc/letsencrypt/renewal-hooks/deploy/`, kí certbot lè máa ṣí i ní gbogbo ìgbà tó bá gba tuntun:

```
#!/bin/sh
systemctl reload nginx
```

Èkejì ni kí aṣọ́nà máa ka ọjọ́ tí sáfà fi ń han ayé, kí ó sì kígbe bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èkíní nìkan kò tó, nítorí fáìlì yẹn náà lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.

Láti March 15, 2029, sátífíkéètì tí búráúsà yóò gbà kò ní lè ju ọjọ́ 47 lọ. Ẹni tí ẹ bá wí lónìí á ti gba oyè, á ti lọ. Fáìlì ìlà méjì yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti nà kò ní fi ojú kòtò náà hàn wá. Nítorí náà, ìròyìn èyíkéyìí tó bá parí sí “a ó máa ṣọ́ra”, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.