Àṣìṣe mẹ́ta tó ń jẹ owó nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ sí oníbàárà wa

Ẹni tó bá ń ta àgbàdo ní Adakplamè mọ̀ pé ọjà Kétu nìkan kọ́ ni ẹrù ń lọ. Ó ń sọdá ẹnubodè lọ sí Ìmẹ̀kọ pẹ̀lú. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pààlà ilẹ̀ wa lọ́dún 1889, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kan náà la ń sọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di kíkọ, pàápàá bí oníbàárà wa bá fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fẹ́ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ Faransé ni àwọn ọmọ wa kọ́ nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníṣòwò wa kan lè kọ:

“Driver has left with 40 bag of maize. Bag is torn. I borrowed him 5000 francs for petrol. Collect it in his hand. He will reach Imeko in Monday.”

Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ yé àwa Yorùbá. Awakọ̀ ti gbéra pẹ̀lú ogójì àpò, àpò kan ti ya, òun yá awakọ̀ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún fàràńkì láti fi ra epo, kí oníbàárà gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá dé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ wá fi ojú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kà á. Kò mọ̀ bóyá àpò kan ló ya tàbí gbogbo wọn. Lójú tirẹ̀, “borrowed” túmọ̀ sí pé oníṣòwò wa ló jẹ awakọ̀ lówó, ó sì lè rò pé àgbàdo ni wọ́n ní kí òun gbà. Bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, á san ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún awakọ̀. Awakọ̀ tó yẹ kó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá á tún gba òmíràn lé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fàràńkì ló dàrú yẹn.

Àwọn kan máa ń fi irú àṣìṣe báyìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ẹni tó kọ ọ́ kò lọ́pọlọ. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Yorùbá tó péye lonítọ̀hún ń rò nígbà tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mọ ibi tí èdè méjèèjì ti yapa lè tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ohun tó ju ẹyọ kan lọ. A máa ń sọ pé “àpò kan”, “ogójì àpò”. “Àpò” kò yí padà, nítorí iye tí a dá ti sọ ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì kò gba bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ dá iye, ó ṣì gbọ́dọ̀ fi “s” sí ìdí ọ̀rọ̀ náà: “40 bags”. Ẹni tó kọ́ Faransé mọ “s” yìí nínú ìwé, àmọ́ ní Faransé a kì í sábà pè é jáde lẹ́nu. Ní Gẹ̀ẹ́sì, a ń kọ ọ́, a sì ń pè é. Ibi tó ti máa ń dáni láàmú ni ohun tí a kì í kà ní ẹyọ ẹyọ, bí àgbàdo, iyọ̀, epo àti gàrí. Ohun tí a fi wọ̀n ọ́n ló máa ń gba “s”, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ “40 bags of maize”, tí a kì í kọ “maizes”. Ẹ̀wà yàtọ̀ díẹ̀: “beans” ni à ń pè é nígbà gbogbo, ó sì di “10 bags of beans”.

Èkejì ni “a” àti “the”. Yorùbá ní “kan” àti “náà”, àmọ́ ìgbà tó bá pọn dandan nìkan la ń lò wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí ohun tí a ń kà ní ẹyọ ẹyọ wà níhòòhò nígbà tó bá jẹ́ ẹyọ kan. Kí ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ dán an wò ní Yorùbá. Bí “kan” bá bá ọ̀rọ̀ náà mu, “a” ni ẹ ó lò, tàbí “one” bí iye bá ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ “náà” tàbí “èyí tí a jọ mọ̀”, “the” ni. Awakọ̀ tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ di “the driver”. Àpò tó ya di “one bag”. Bó bá jẹ́ àgbàdo lápapọ̀ lẹ ń sọ, tí “kan” àti “náà” kò bá a mu, ẹ má fi nǹkan kan sí i: “Maize is dear this year.” Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Faransé, ẹ ṣọ́ra níbí, torí “le maïs” yóò fẹ́ tì yín láti kọ “the maize”.

Ẹ̀kẹta ni “ní” àti “lọ́wọ́”. “Ní” wa kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní ti àkókò, Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta: aago gba “at”, ọjọ́ gba “on”, oṣù àti ọdún gba “in”. “At 8 o’clock”, “on Monday”, “in March”. “Lọ́wọ́” sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nítorí pé ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, “from” ló ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sinmi.

“Yá” ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà ni, “lọ́wọ́” ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bí Faransé ṣe ní “prêter” àti “emprunter”. Ẹni tó fún ni lówó ni “lent”. Ẹni tó gbà á ni “borrowed”. Bí “lọ́wọ́” bá wà nínú Yorùbá yín, “borrowed from” ni. Bí kò bá sí, “lent” ni.

Nítorí náà, bí àtẹ̀jíṣẹ́ wa ṣe yẹ kó rí nìyí:

“The driver has left with 40 bags of maize. One bag is torn. I lent him 5000 francs for petrol. Collect the money from him. He will reach Imeko on Monday.”

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yí padà. Ẹ tún wò ó pé “it” ti kúrò, “the money” ló wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi àgbàdo pe owó. A rọ àwọn oníṣòwò wa pé kí wọ́n ka àtẹ̀jíṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ: iye ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo “kan” àti “náà”, kí wọ́n sì wo ẹni tó jẹ gbèsè kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá àwọn òbí yín kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé, àmọ́ àwọn ni wọ́n mọ ẹni tó jẹ ẹnì kejì lówó. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kọ “lent” tàbí “borrowed”.